Májèlé kọ́, ooru ni: ohun tó ń dá ajá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan

Lọ́dọọdún, bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ tí òjò kò sì tíì rọ̀, irú ìpè kan náà ni àwọn ará àdúgbò máa ń pè mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń sìn ajá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ajá yìí, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ." Kí n tó débẹ̀, ajá á ti nà gbalaja sílẹ̀, itọ́ á máa ṣe fòfó lẹ́nu rẹ̀, á ti bì, á sì ti ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹnì kan á ti gbé ìgò epo pupa dání, ẹlòmíràn á máa bá a la ẹnu ajá. Àwọn kan á ti máa rán ara wọn létí aládùúgbò tí wọ́n bá jà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Lọ́pọ̀ ìgbà, májèlé kọ́. Aago méjì ọ̀sán ni, abẹ́ páànù ni ilé ajá wà, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, abọ́ omi sì ti dojú dé láti àárọ̀. Ooru ló mú ajá kọjá ohun tí ara rẹ̀ lè gbà. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí omi tó lè gbà á là wà nínú kànga lẹ́yìnkùlé, epo pupa ni wọ́n sì ń wá kiri.

Kí ni à ń pè ní ìkọlù ooru?

Ara ajá gbóná ju ara èèyàn lọ. Tiwa máa ń wà ní nǹkan bíi dígíríì 37. Ti ajá tí nǹkan kan kò ṣe máa ń wà láàárín 38 sí 39 àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè fi ọwọ́ kan orí ajá lásán kí ẹ sọ pé ara rẹ̀ gbóná. Ìkọlù ooru ni ká pè é nígbà tí ooru bá wọ ara ajá ju bí ara rẹ̀ ṣe lè lé e jáde lọ, títí ara rẹ̀ fi kọjá dígíríì 41 tàbí tó sún mọ́ ọn, tí ọpọlọ, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ rántí bí funfun ẹyin ṣe ń le nínú omi gbígbóná. Ohun tó jọ ọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara láti inú wá, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ báyìí kò rọrùn láti tún ṣe.

Ìkọlù ooru yàtọ̀ sí ibà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣì í nìyí. Nígbà tí ibà bá ń ṣe ẹranko, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí òun gbóná, kó lè bá àìsàn jà. Ní ti ìkọlù ooru, ara ń sapá gidigidi láti tutù, agbára rẹ̀ ni kò ká a. Nítorí náà parasitamọ́ọ̀lù kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Oògùn yẹn máa ń pa àṣẹ ibà rẹ́ ni, kò sì sí àṣẹ ibà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pẹ̀lú ìyẹn, òun àti ibuprofẹ́ẹ̀nì tí a ń lò fún ara wa lè pa ajá.

Kí ló dé tí ooru fi ń tètè ṣẹ́gun ajá?

Ẹni tó bá ti bu omi nínú amù rí ti mọ ìdáhùn. Omi inú amù máa ń tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ gba ara amù jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru lọ. Òógùn wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára wa. Ajá kò ní irú òógùn yẹn. Ìwọ̀nba tó ní kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kò sì tó nǹkan. Amù tirẹ̀ ni ahọ́n, ẹnu, imú àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Tó bá ń mí hẹlẹ, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ gba orí àwọn ibi tútù wọ̀nyẹn, kí omi orí wọn lè gbé ooru jáde.

Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ààlà. Ní Èkó, tàbí níbikíbi tó sún mọ́ ọ̀sà, àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ ó sá aṣọ láti àárọ̀ tí kò ní gbẹ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́. Ahọ́n ajá náà kì í lè "gbẹ" lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Á máa mí hẹlẹ, ooru kò ní jáde, iṣẹ́ mímí náà á sì tún máa dá ooru kún ooru. Nítorí náà ojú ọjọ́ tó ṣú dùdù, tí ooru rẹ̀ ń mú èèyàn láìsí oòrùn, lè léwu fún ajá ju ọjọ́ tí oòrùn ràn gan-an tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ.

Ajá tí imú rẹ̀ kúrú, irú Búlídọ́ọ̀gì, Bọ́sà àti Láásà, ni ó kọ́kọ́ máa ń kó sínú wàhálà, nítorí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà há. Lẹ́yìn wọn ni ajá tó sanra jù, arúgbó ajá, àti èyí tí irun rẹ̀ nípọn bíi Kọkéṣíàn, tó jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti bí àwọn baba ńlá rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ wa, tó rù, tí irun rẹ̀ kúrú, tí imú rẹ̀ sì gùn, ló máa ń fara dà á jù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn láìsí omi, òun náà á kú.

Àmì wo ni ẹ ó kọ́kọ́ rí?

Mímí hẹlẹ nìkan kì í ṣe àìsàn. Ajá tó ń mí hẹlẹ lẹ́yìn eré, tó lọ sábẹ́ ibòòji, tó sì fara balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sí nǹkan tó ṣe é. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni mímí tí kò dín kù bí ajá tilẹ̀ ti jókòó síbi tútù. Ẹ wo ahọ́n rẹ̀. Á jáde gan-an, orí rẹ̀ á fẹ̀ á sì ká bí ṣíbí. Itọ́ rẹ̀ á ki, á máa fà bí omi ilá. Èrìgì rẹ̀ á pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń mú un rìn, á máa rìn lẹ́yìn, á máa wá ibòòji, tàbí kó jókòó kó sì kọ̀ láti dìde. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé agídí ló ń ṣe, wọ́n á fa okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa okùn yẹn. Bí ajá ṣe ń sọ pé ó ti tó nìyẹn, bí ẹ bá sì gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, omi àti ibòòji lè parí ọ̀rọ̀.

Tó bá kọjá ibẹ̀, ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, kò ní mọ ẹni tó ń pè é mọ́, á bì, á yàgbẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Èrìgì tó pọ́n tẹ́lẹ̀ á funfun tàbí kó dà bí eérú. Gìrì lè mú un, ó sì lè dákú. Àwọn àmì ìkẹyìn yìí ló jọ ti májèlé. Nítorí itọ́ tó ń dà lẹ́nu rẹ̀, àwọn mìíràn máa ń pariwo pé digbòlugi ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Tẹmómítà ló ń sọ ọ́ jù, mo sì gba gbogbo ẹni tó ní ajá níyànjú kó ra ọ̀kan, irú èyí tó máa ń dún tó bá ti parí. Ẹ fi fasilíìnì pa á lórí, ẹ rọra kì í bọ ihò ìdí ajá díẹ̀, bí ìwọ̀n oríkèé ìka kan, kí ẹ sì dúró kó dún. Lóòótọ́, májèlé kan wà tó ń mú ajá gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ náà á fi gbóná. Ìyẹn kò yí ohun tí ẹ máa ṣe padà: bí ara bá ti kọjá 41, ẹ tù ú lára kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Epo pupa ńkọ́? Kò pa májèlé, kò sì lé ooru. Ajá tó ti dákú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà máa ń gbà lọ. Mílíìkì náà rí bẹ́ẹ̀, omi tí a bá fi tipátipá rọ sí i lẹ́nu náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ajá tó bọ́ lọ́wọ́ ooru, tó jẹ́ pé epo inú àyà rẹ̀ ló pa á lọ́jọ́ kẹta.

Kí la ṣe fún ajá kan ní Ìbàdàn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó parí sí rere, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà. Ajá Jámánì ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sanra díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n sì tì í padà sínú ilé rẹ̀ lábẹ́ páànù láìfún un lómi. Ní aago kan kọjá díẹ̀, ìyá wọn rí i pé ó ti ṣubú. Nígbà tí mo dé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí wa. Tẹmómítà sọ pé 41.8.

Baba ilé ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fẹ́ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ọ̀sán, ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ara ajá á sì máa sè ní gbogbo àkókò yẹn. Ohun tí àwọn dókítà ẹranko ń sọ báyìí ni pé kí a kọ́kọ́ tù ú lára, lẹ́yìn náà ni ká gbé e. Ohun tí baba náà ṣe ni pé ó pe dókítà lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀, kí wọ́n lè múra sílẹ̀.

A gbé ajá sábẹ́ igi máńgòrò, a sì bọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di ajá lẹ́nu, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa tú nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ ni amù rẹ̀. Ọmọkùnrin ilé sáré lọ fa róbà omi. Ẹ ṣọ́ra níbí. Róbà tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, omi gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, táǹkì dúdú orí ilé náà sì lè ti gbóná. A jẹ́ kí ti inú róbà ṣàn dànù, kò sì tutù síbẹ̀, la bá kúkú lo omi kànga. Èèyàn méjì ń fà, ẹnì kan ń dà á sí i lára láìdáwọ́ dúró: ọrùn, abẹ́ apá, ikùn, àárín itan, ẹ̀yìn. A ń fi ọwọ́ ya irun rẹ̀ kí omi lè kan awọ ara, nítorí irun ajá Jámánì máa ń mú kí omi yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. A gbé orí rẹ̀ sókè kí omi má wọ imú. Iná kò sí, ìyá ilé sì fi páálí fẹ́ ẹ títí apá fi ń dùn ún. Fífẹ́ yẹn ṣe pàtàkì bí omi fúnra rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, tẹmómítà sọ 40.9. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó sọ 39.5, a sì dáwọ́ omi dúró níbẹ̀. Ara á ṣì máa tutù lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń dà á nìṣó, ó lè rì kọjá ibi tó yẹ kí òtútù sì wá di wàhálà mìíràn. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà kí ó máa wo mímí ajá. Bó bá ti fara balẹ̀, tàbí bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó tó. Ajá yìí gbé orí sókè, a gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀, ó sì lá a díẹ̀. A kò rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ìgbà yẹn la tó gbé e sínú ọkọ̀, ara rẹ̀ tutù fún omi, gbogbo wíńdò ṣí sílẹ̀.

Ṣé omi tútù kọ́ ló ń pa ajá tí ara rẹ̀ gbóná?

Mo gbọ́ ìbéèrè yìí lọ́jọ́ náà, mo sì máa ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo. Ní ayé àtijọ́, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń sọ pé kí a fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe é, nítorí wọ́n rò pé omi tútù á sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì, kí ooru má lè jáde. Wọ́n ti fi ìmọ̀ràn yẹn sílẹ̀. Omi yòówù tó bá ti tutù ju ara ajá lọ á ràn án lọ́wọ́, ọ̀dọ́ ajá tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ni a sì lè rì bọnú ọpọ́n omi tútù, orí rẹ̀ nìkan ló máa wà lókè. Ti arúgbó ajá, tàbí èyí tó ní àìsàn ọkàn, ká da omi sí i lára kí a sì máa fẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá ní ju píọ́ wọ́tà mẹ́wàá lọ, ẹ fi eyín ya á, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi tówẹ́ẹ̀lì tútù bò ó kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tówẹ́ẹ̀lì náà á gbóná, á sì dà bí ìgbà tí a da kúbùsù bo ẹni tí ooru ń mú.

Ó ti dìde, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà?

Ìfun ni ooru máa ń bà jẹ́ kíákíá, àmọ́ ìbàjẹ́ náà kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè pàdánù agbára tó fi ń dì, kíndìnrín lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, gbogbo èyí láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn tí ajá ti dìde tó sì ti ju ìrù sí yín. Ajá Jámánì yẹn wọ inú ilé ìwòsàn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, àmì pupa kéékèèké sì yọ sí ikùn rẹ̀ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò lábẹ́ awọ ni. Nítorí pé ó ti wà lórí dírìpù láti ọjọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n rí i bójú tó. Oru méjì ló sùn níbẹ̀. Ká ní a mú un padà sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò rò pé yóò yè é.

Bí ẹ bá wà nílé pẹ̀lú ajá tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀. Tó bá pọ́n dúdú, tàbí tí kò tọ̀ rárá, ẹ má dúró. Ẹ tún fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀ títí ó fi funfun, kí ẹ gbé ìka kúrò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò lọ káàkiri ara rẹ̀ dáadáa.

Kí lẹ máa tún ṣe ká má dé ibẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò eré. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ẹranko. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ajá tí ìkọlù ooru mú, eré tàbí ìrìn ló fà á. Ọkọ̀ tí a tì pa kò ju bí ẹyọ kan nínú ogún lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, níbi tí oòrùn wọn kò tó tiwa, ẹ jẹ́ ká mú ajá rìn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí ọ̀dà títì. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè rìn lórí rẹ̀. Olùkọ́ni ajá tó bá ní ọ̀sán gangan nìkan lòun ráyè, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní ti ọkọ̀, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn máa ń gbóná sí i pẹ̀lú nǹkan bíi dígíríì 22 láàárín wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ṣíṣí wíńdò díẹ̀ kò yí i padà. Búùtù burú ju ìyẹn lọ, pàápàá tí wọ́n bá fi okùn di ajá lẹ́nu nítorí kó má bàa gbó lójú ọ̀nà.

Ilé ajá ni èmi máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ajá wa ń lo ọ̀sán. Ògiri búlọ́ọ̀kù lọ́nà mẹ́ta, ilẹ̀kùn irin kan, páànù lókè: ààrò la kọ́ yẹn. Ẹ fi irin ọlọ́nà rọ́pò ògiri kan ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé páànù sókè, kí àyè wà láàárín òun àti ògiri, kí ẹ sì to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Ẹ gbé pákó lélẹ̀ tó ga díẹ̀ sí sìmẹ́ǹtì. Abọ́ omi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ike fífúyẹ́ tí ajá lè yí dànù. Ìkòkò amọ̀ tó wúwo dára jù, omi inú rẹ̀ á sì tún máa tutù, ẹ gbé méjì síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ooru bá pọ̀ jù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ó jáde lọ dùbúlẹ̀ níbi tó bá wù ú nínú ọgbà. Ajá mọ ibi tó tutù ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nílé ajá Jámánì yẹn, wọ́n wó ògiri ẹ̀yìn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Abẹ́ máńgòrò náà ló ṣì máa ń sùn sí lọ́sàn-án, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ sì di ti ìrọ̀lẹ́.